Bí Lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì Ṣe Ń Wọ Abẹ́ Ọ̀rọ̀ Inú PDF Láìbo Ohunkóhun

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í ra pépà lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì mọ́. Ínfọ́ìsì ń jáde láti inú ètò ìṣirò owó, lẹ́tà ń jáde láti inú Microsoft Word, gbogbo rẹ̀ á di PDF, á sì gba orí ímeèlì lọ bá oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá jáde báyìí sábà máa ń ṣófo lórí: kò sí àmì ilé-iṣẹ́, kò sí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà RC. Ní Nàìjíríà, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 tí wọ́n ń pè ní CAMA béèrè pé kí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn kedere lórí lẹ́tà òwò rẹ̀. Nítorí náà, àwòrán lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì kì í wọ́n lọ́wọ́ akọ̀wé ọ́fíìsì. Bí yóò ṣe dé ojú-ìwé kìn-ín-ní PDF tó ti wà nílẹ̀ ni wàhálà.

Ohun tí ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ bá ni pé kí a ṣí PDF náà, kí a fi àwòrán kún un, kí a sì fà á títí yóò fi gba gbogbo ojú-ìwé. Lójú ẹsẹ̀ ni lẹ́tà á pòórá. Àmì ilé-iṣẹ́ á wà lókè, àdírẹ́sì á wà nísàlẹ̀, àárín á funfun báláú. Ẹni tó ń ṣe é á rò pé ètò náà ti pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́. Kò pa á rẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú fáìlì, ó kàn wà lábẹ́ àwòrán ni.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí PDF ṣe ń ya ojú-ìwé. Inú ojú-ìwé PDF kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ wà lẹ́sẹẹsẹ: kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, fa ìlà yẹn sọ́hùn-ún, gbé àwòrán báyìí sáàárín. Ètò tó ń ṣí fáìlì náà á máa tẹ̀lé àṣẹ wọ̀nyí láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó bá sì kẹ́yìn ló máa ń bo èyí tó ṣáájú. Ó dà bí ọ̀dà lára ògiri: ẹni tó kọ nǹkan sára ògiri tó wá kun ọ̀dà funfun lé e lórí kò ní rí nǹkan kà, ṣùgbọ́n tó bá kun ọ̀dà kó tó kọ̀wé, ìwé rẹ̀ á hàn. Funfun tó wà láàárín àwòrán lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì kì í ṣe àyè tó ṣófo, àwọ̀ gidi ni. Nítorí náà, kò yẹ kí àwòrán wọlé kẹ́yìn. Òun ló yẹ kó ṣíwájú nínú àwọn àṣẹ ojú-ìwé, kí ọ̀rọ̀ tó wá gorí rẹ̀.

Àwọn ètò tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú qpdf, tó jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí a máa ń fi àṣẹ darí, `--overlay` máa ń gbé nǹkan sókè ọ̀rọ̀, `--underlay` sì máa ń gbé e sábẹ́ rẹ̀. Èyí kejì la fẹ́. Nínú Adobe Acrobat tí a ń sanwó fún, ohun tó bá a mu ni èyí tí wọ́n kọ `Background` sí. A lè sọ fún un níbẹ̀ pé ojú-ìwé kìn-ín-ní nìkan ni kó fọwọ́ kàn.

Kí a tó lo qpdf, àwòrán lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ di PDF olójú-ìwé kan, tó tóbi bákan náà pẹ̀lú lẹ́tà wa. Tí ẹni tó ya àmì ilé-iṣẹ́ náà bá lè fún wa ní PDF tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé ìlà àti lẹ́tà inú rẹ̀ kò ní fọ́ bó ti wù kí a fẹ̀ ẹ́ tó. Tó bá jẹ́ àwòrán PNG nìkan ló wà, ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Fún pépà A4 tí a ó tẹ̀ jáde dáadáa, píksẹ́ẹ̀lì 300 ló yẹ kó wà nínú íǹṣì kan, ìyẹn 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp ti fún pọ̀. Tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 800, kò ju nǹkan bíi 97 lọ nínú íǹṣì kan, nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì á sì ṣe bàìbàì tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Nígbà tí àwòrán bá ti dára, àṣẹ méjì ló kù:

```
img2pdf --pagesize A4 hedi.png -o hedi.pdf
qpdf leta.pdf --underlay hedi.pdf --to=1 -- leta-tuntun.pdf
```

Èyí àkọ́kọ́ sọ àwòrán di PDF. Tí ó bá kọ̀ jálẹ̀ pé àwòrán náà ní ibi tí kò ní àwọ̀, ẹ fi funfun kún ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ètò àwòrán, kí ẹ tún un fi pamọ́. Funfun náà kò lè pa wá lára mọ́, nítorí pé abẹ́ ló ń lọ. Èyí kejì gbé lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì sábẹ́ ojú-ìwé kìn-ín-ní nìkan, ojú-ìwé kejì títí dé òpin sì wà bó ṣe wà. Fáìlì `leta.pdf` tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kò yí padà, èyí tuntun ló gba lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń parí sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń já òǹkàwé kulẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kò farasin mọ́. Ṣùgbọ́n tí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà bá bọ́ sórí àmì ilé-iṣẹ́ gan-an, tí déètì sì gun orí nọ́ńbà fóònù, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹni tó gba lẹ́tà náà kò ní lè ka déètì, kò sì ní lè ka nọ́ńbà. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ fi lè bàjẹ́: kí nǹkan bò ó, tàbí kí àyè má sí fún un. Sísọ̀ tí a sọ lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì sábẹ́ wo ti àkọ́kọ́ sàn, ti ìkejì gba ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan, ká wọ̀n ọ́n. Póìntì ni PDF fi ń wọn nǹkan, póìntì 72 ló sì wà nínú íǹṣì kan. Ojú-ìwé A4 fẹ̀ tó póìntì 595, ó sì ga tó 842. Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí náà bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i la ṣe ń gòkè. Ká ní òkè lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì wa gba mìlímítà 40, ìyẹn póìntì 113, tí ìlà àdírẹ́sì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gba mìlímítà 20, ìyẹn póìntì 57. Ó túmọ̀ sí pé lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì ló ni ohun gbogbo tó wà lókè 729 àti ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀ 57. Àárín méjèèjì nìkan ló kù fún ọ̀rọ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà wà? A kò ní fojú díwọ̀n rẹ̀. Ghostscript lè sọ fún wa ibi tí yíǹkì bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí:

```
gs -q -dNOPAUSE -dBATCH -dLastPage=1 -sDEVICE=bbox leta.pdf
```

Lórí Windows, `gswin64c` ni a ó kọ dípò `gs`. Ìdáhùn rẹ̀ á ní ìlà kan bí irú èyí:

```
%%BoundingBox: 72 210 521 770
```

Nọ́ńbà mẹ́rin náà ni etí òsì, ìsàlẹ̀, etí ọ̀tún àti òkè. Lẹ́tà yìí bẹ̀rẹ̀ ní 770 lókè, ó sì parí ní 210. Kò yani lẹ́nu, torí pé íǹṣì kan ni àyè tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà inú Word máa ń fi sílẹ̀ lókè, 842 tí a bá sì yọ 72 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 770. Ilẹ̀ lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì ti parí ní 729, nítorí náà póìntì 41 ni ọ̀rọ̀ fi wọ inú rẹ̀. Tí a bá fẹ́ àyè díẹ̀ láàárín wọn, ká ní póìntì 10, lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní póìntì 51. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wá bọ́ sí 159, tó ṣì jìnnà dáadáa sí 57. Lẹ́tà kúkúrú ni, ó ní àyè láti sọ̀kalẹ̀, kò sídìí láti fún un pọ̀.

Ínfọ́ìsì tó kún ojú-ìwé ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ká ní òkè rẹ̀ wà ní 770, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà ní 72. Tí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní 51, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dé 21, ìyẹn ni pé àpapọ̀ owó á wọ inú àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́. Àfi ká fún un pọ̀. Àyè tí a ní bẹ̀rẹ̀ láti 719 lókè, ó parí sí 67 nísàlẹ̀, ó jẹ́ 652. Yíǹkì tó fẹ́ wọ ibẹ̀ ga tó 698. Tí a bá pín 652 sí ọ̀nà 698, a ó rí nǹkan bíi 0.934. Lẹ́tà tí wọ́n fi ìwọ̀n 12 kọ á di nǹkan bíi 11.2, ojú kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, tí ìṣirò yìí bá ti já wá sísàlẹ̀ 0.85, ó sàn kí a padà sí inú Word tàbí ètò ìṣirò owó náà, kí a fẹ àyè òkè ìwé níbẹ̀, kí ìlà tó kẹ́yìn lọ sí ojú-ìwé kejì. Ínfọ́ìsì tí oníbàárà ní láti fà mọ́jú kó tó rí iye owó kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Qpdf kò ní sún ọ̀rọ̀ wa sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún èyí, PyMuPDF, tó jẹ́ àkójọ irinṣẹ́ fún `python`, ló rọrùn jù. A ó ṣí ojú-ìwé tuntun, a ó tẹ́ lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ ná, a ó wá gbé ínfọ́ìsì tí a ti fún pọ̀ lé e lórí:

```python
import pymupdf

src = pymupdf.open("leta.pdf")
out = pymupdf.open()
p = out.new_page(width=595, height=842)
p.insert_image(p.rect, filename="hedi.png")
p.show_pdf_page(pymupdf.Rect(20, 56, 575, 842), src, 0)
if len(src) > 1:
    out.insert_pdf(src, from_page=1)
out.save("leta-tuntun.pdf")
```

Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú `Rect` ni àpótí tí ínfọ́ìsì á wọ̀. Ẹ kíyè sí i pé PyMuPDF máa ń ka nǹkan láti òkè wá sísàlẹ̀, ó yàtọ̀ sí Ghostscript, ó sì ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Àpótí yìí fẹ̀ tó 555, ó ga tó 786, ìyẹn A4 tí a ti fún pọ̀ dé bí 0.93. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 56 láti òkè. Ọ̀rọ̀ tó wà ní 72 láti òkè tẹ́lẹ̀ á wá bọ́ sí nǹkan bíi 123, tó jẹ́ 113 ti lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì àti àyè 10 tí a fẹ́. Fún lẹ́tà kúkúrú tí a fẹ́ sún sísàlẹ̀ nìkan, `Rect(0, 51, 595, 893)` la ó kọ síbẹ̀. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `if` wà nídìí pàtàkì: tí a kò bá fi síbẹ̀, lẹ́tà tó ní ojú-ìwé kan ṣoṣo lè jáde ní méjì, kí ojú-ìwé kìn-ín-ní rẹ̀ tún fara hàn láìní lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì.

Ohun kan wà tí ọ̀nà yìí máa ń sọnù. Tí ojú-ìwé kìn-ín-ní bá ní líǹkì tí a lè tẹ̀, bí ibi ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí àpótí tí oníbàárà ń kọ nǹkan sí, kò ní bá a lọ sójú-ìwé tuntun. Àwòrán ọ̀rọ̀ á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n títẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Qpdf kì í fọwọ́ kan líǹkì ìwé tó wà nílẹ̀, nítorí náà tí àyè bá ti tó tẹ́lẹ̀, tí a kò ní sún nǹkan, òun ni kí ẹ lò.

Nígbà tí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì bá kọ̀ tí kò yọjú

Ìgbà míì wà tí a ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ, tí a ó ṣí fáìlì tuntun, tí a kò sì ní rí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì kankan. Fáìlì náà ti tóbi sí i, tó fi hàn pé àwòrán wọlé, ṣùgbọ́n ojú-ìwé wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tàbí kí òkè rẹ̀ hàn, kí òǹtẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà láàárín já níbi tí tébù iye owó wà. Ọ̀rọ̀ ìtò àṣẹ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló tún dé, ó kàn gba ibòmíràn yọ ni. Nǹkan funfun kan wà nínú lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, ó sì gun orí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì wa.

Àwọn ètò kan tó ń ṣe PDF máa ń kọ́kọ́ kun gbogbo ojú-ìwé ní funfun kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Lórí pépà funfun, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ìgbà tí a bá fi nǹkan sábẹ́ rẹ̀ ni àṣírí á tú. Ètò ìṣirò owó míì máa ń kun inú yàrá tébù kọ̀ọ̀kan ní funfun. Tí a bá tú fáìlì náà sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ yìí:

```
qpdf --qdf --object-streams=disable leta.pdf leta-tu.pdf
```

a lè ṣí `leta-tu.pdf` nínú ètò ìkọ̀wé tí kì í yí fáìlì padà, kí a wá irú ìlà wọ̀nyí lápá ìbẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé kìn-ín-ní:

```
1 1 1 rg
0 0 595 842 re
f
```

Ìlà àkọ́kọ́ mú àwọ̀ funfun, èyí kejì fa àpótí tó gba gbogbo A4, lẹ́tà `f` sì ní kí wọ́n kùn ún. Tí a bá sọ `f` yẹn di `n`, àpótí á wà níbẹ̀ láìsí ọ̀dà nínú rẹ̀. Nítorí pé lẹ́tà kan la fi rọ́pò lẹ́tà kan, gígùn fáìlì kò yí padà, kò sì ní bàjẹ́. Lẹ́yìn náà la ó tún ṣe `--underlay` lórí fáìlì yìí, lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì á sì yọ. Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń kọ ìlà náà bákan náà. Òmíràn máa ń kọ `1 g` fún funfun, nọ́ńbà àpótí náà sì lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n `re` àti `f` tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn àwọ̀ funfun ni àmì tí a ń wá.

Ìwé tí a fi ẹ̀rọ síkáànì kò ní gba oògùn yìí. Odidi ojú-ìwé náà jẹ́ fọ́tò kan, funfun pépà wà nínú fọ́tò náà, kò sì sí ìlà tí a lè yí padà. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbìyànjú láti fi máòsì mú ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀. Tí kò bá ṣe é mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síkáànì. Àṣẹ `pdfimages -list -l 1 leta.pdf` á wá jẹ́rìí sí i: tí ó bá fi àwòrán kan ṣoṣo hàn tó tóbi tó gbogbo ojú-ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí.

Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo fara mọ́ pé kí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì wà lókè, pẹ̀lú àdéhùn pé funfun kò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Nínú GIMP, tó jẹ́ ètò àwòrán ọ̀fẹ́, `Color to Alpha` lábẹ́ `Colors` máa ń yọ funfun kúrò nínú àwòrán, kí ó ku àmì àti ọ̀rọ̀ nìkan. PNG ni ẹ gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ sí. JPEG kò mọ ohun tó ń jẹ́ àyè tí kò ní àwọ̀, funfun ni yóò tún fi dí i. Lẹ́yìn náà, PyMuPDF á gbé e sórí síkáànì náà pẹ̀lú `insert_image`, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ á sì hàn níbi tí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì kò bá ní nǹkan kan. Àmọ́ ìṣirò àyè tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀. Tí síkáànì bá ní ọ̀rọ̀ títí dé òkè, ẹ gbé e sójú-ìwé tuntun nínú àpótí tó kéré, kí ẹ tó gbé lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì lé e.

Tí fáìlì tuntun bá ti jáde, ẹ ṣí i, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan láti inú lẹ́tà pẹ̀lú Ctrl+F, kí ẹ rí i pé ó ṣì wà. Ẹ wo ojú-ìwé kejì bóyá lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì ṣèèṣì wọ ibẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan jáde sórí pépà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í lè tẹ̀ dé etí pépà, ìlà àdírẹ́sì tó bá sún mọ́ etí ìsàlẹ̀ jù á sì já. Tí ìwé náà bá sì nílò ìfọwọ́sí dígítà, ìyẹn irú tí ètò PDF lè yẹ̀ wò bóyá ẹnikẹ́ni ti yí fáìlì padà, lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Àwòrán tí a bá fi kún un lẹ́yìn ìfọwọ́sí á mú kí ètò tí oníbàárà fi ṣí i kéde pé ìwé náà ti yí padà, àfi kí ọ̀gá tún un fọwọ́ sí.